Kí Wákàtí Mẹ́fà Tó Pé

Aago 3:40 ìdájí. Ìrora jí ọmọkùnrin ọdún 17 kan lójú oorun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Abẹ́ rẹ̀ ni, lápá òsì. Kò ṣubú, ẹnikẹ́ni kò gbá a. Ó fi eyín di etí ìrọ̀rí mú kí àbúrò rẹ̀ má baà gbọ́ ìkérora rẹ̀.

Aago 4:30. Ó bì. Ìyá rẹ̀ béèrè láti inú yàrá pé kí ló dé. Ó ní inú ló ń run òun. Ìsàlẹ̀ ikùn ń dùn ún lóòótọ́, kò nira fún un láti sọ bẹ́ẹ̀.

Aago 5:30. Ó ti lo pàrásítámọ́ọ̀ méjì, kò ràn án. Ní balùwẹ̀, ó tan iná fóònù, ó wo ara rẹ̀. Kóró ẹpọ̀n òsì ti sún sókè, ó dùbúlẹ̀ níbùú. Awọ ẹpọ̀n ń pọ́n. Ó yára wọ ṣòkòtò.

Aago 7:00. Ìyá ti lọ sọ́jà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin rí i tó ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀.

“Ibo ló ń dùn ẹ́ gan-an?”

“Inú ni, Àǹtí mi.”

Ẹ̀gbọ́n ń wo ibi tó fọwọ́ dì mú. “Ṣé abẹ́ ẹ ni?”

Omi bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ jẹ́ kó dọ̀la. Ojú ń tì mí.”

“Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Dìde, a ń lọ sọ́síbítù.”

Aago 8:15. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ tò síbi káàdì. Ẹ̀gbọ́n kò tò. Ó sọ ọ́ ketekete: “Kóró ẹpọ̀n àbúrò mi ló ń dùn ún láti ìdájí.” Nọ́ọ̀sì dìde.

Aago 8:30. Dókítà fi ìka ra inú itan ọ̀tún. Kóró ọ̀tún sún sókè. Ó ra ti òsì. Kóró òsì kò mira. “Aago mélòó ló bẹ̀rẹ̀?” Ó ní kí wọ́n má dúró de àwòrán kankan.

Aago 9:20. Wọ́n là á ní tíátà. Kóró náà ti dúdú. Wọ́n tú okùn rẹ̀ tó lọ́, wọ́n sì fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi iyọ̀ lílọ́wọ́ọ́wọ́ bò ó. Wọ́n dúró.

Aago 9:35. Àwọ̀ pupa bẹ̀rẹ̀ sí í padà.

Aago 11:00. Dókítà jókòó ti ẹ̀gbọ́n. Okùn tó so kóró ẹpọ̀n rọ̀ ló lọ́ yípo, ó sì fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ débẹ̀ pa. Bí wọ́n bá tètè tú u, láàárín wákàtí mẹ́fà sígbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀, kóró náà sábà máa ń yè. Bó bá dọ̀la, gígé ni wọ́n sábà máa ń gé e. Wọ́n ti rán kóró méjèèjì mọ́ ara ẹpọ̀n, nítorí èyí tó kù náà lè lọ́.

Aago 1:00 ọ̀sán. Ìyá sáré wọlé, ó béèrè bóyá inú rírun náà ti lọ.

“Kì í ṣe inú, Màámi,” ni ọmọ náà wí. “Kóró ẹpọ̀n mi ni.”