Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀: Afarahẹ

Awẹ́ gbólóhùn afarahẹ kò lè dá dúró. Ara olórí awẹ́ gbólóhùn ló ń fara hẹ. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n yóò mọ ìdáhùn tó tọ́ nínú mẹ́rin tí ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì máa ń tò sílẹ̀ nípa àmì inú gbólóhùn. Ẹ jẹ́ ká fi gbólóhùn Yorùbá nípa ọjà Ilé-Ifẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ:

(a) Òjò dé ọlọ́jà palẹ̀ mọ́.
(b) Òjò dé, ọlọ́jà palẹ̀ mọ́.
(d) Nígbà tí òjò dé. Ọlọ́jà palẹ̀ mọ́.
(e) Nígbà tí òjò dé, ọlọ́jà palẹ̀ mọ́.

Ní (a), olórí awẹ́ méjì lẹ̀ pọ̀ láìsí àmì. Ní (b), kọ́mà nìkan kò tó láti so wọ́n pọ̀ ní òfin Gẹ̀ẹ́sì, bó tilẹ̀ dùn létí Yorùbá. Ní (d), afarahẹ dá dúró. (e) ló tọ́.