Mẹ́wàá, Mẹ́gwá, Ẹ̀gwá: Ọmọ Ìyá Ni Wọ́n

Ní Òkè-Àdó nílùú Ìbàdàn, níbi tí ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú tẹ̀dó sí, ohùn Ìbàdàn àti ti Ìjẹ̀bú ń pàdé lójoojúmọ́. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sí ti Ọ̀yọ́ ti ba Yorùbá jẹ́. Ìtàn èdè kò gbè wọ́n lẹ́yìn.

Iye kan ṣoṣo tó láti fi hàn. Ìbàdàn ń pe mẹ́wàá. Àwọn Ìṣẹ̀kírì ní Wárí ń pe mẹ́gwá. Àwọn Ígálà ní Ìdá, létí Odò Ọya, ń pe ẹ̀gwá. Ọ̀nà jìn láàárín Wárí àti Ìdá, síbẹ̀ ìró kan náà ló wà lẹ́nu wọn. Ohun tó bá ọgbọ́n mu ni pé ìró yìí ti wà lẹ́nu baba ńlá wọn, àti pé Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló sọ ọ́ nù.

Ìjọra lásán kọ́ ni ẹ̀rí ìbátan. Ọ̀dọ̀ Haúsá ni àlùbọ́sà ti wá, ṣùgbọ́n ọjà ló gbé e dé, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Òǹkà kékeré kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ àyálò: ẹ̀ta àti ẹ̀fà Ígálà bá ti Yorùbá mu rẹ́gí.

Nígbà tí Ajàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní 1843, ohùn Ọ̀yọ́ ló ń wọ inú ìwé. Ìwé ló sọ ọ́ di àjùmọ̀lò. Kò sọ ọ́ di àgbà.