Ìbéèrè Méjì àti Téèpù Kan: Irinṣẹ́ Tó Yẹ Wọ́ọ̀dù Àgbàlagbà fún Wíwá Àìjẹunrekánú

Ẹ jẹ́ ká mú ọkùnrin ẹni ọdún 58 kan, awakọ̀ akérò, tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Kò lè mí délẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wú dé orúnkún, bí èèyàn bá sì fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè dìde. Ọkàn rẹ̀ ni kò lágbára mọ́ láti máa ti ẹ̀jẹ̀ káàkiri ara. Nọ́ọ̀sì gbé e sórí ìwọ̀n, ó tẹ kílò 73. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1.75. Ìyàwó rẹ̀ mú káàdì tó fi ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lọ́wọ́. Kílò 74 ni wọ́n kọ síbẹ̀ ní oṣù márùn-ún sẹ́yìn, nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì wú rárá. Kílò kan péré ló fi dín, ta ni yóò pe èyí ní rírù?

Àmọ́ kí nọ́ọ̀sì wo òkè ara rẹ̀. Eegun tó so àyà mọ́ èjìká ti yọ gbọnrangandan, ẹ̀bátí rẹ̀ ti jìn wọlé, ẹran apá rẹ̀ sì ti rọ̀ jọ̀bọ̀jọ̀bọ̀. Omi ló ń wúwo lórí ìwọ̀n. Ara tó yẹ kó wà nídìí omi náà ti ń lọ díẹ̀díẹ̀ láti oṣù mélòó kan.

Irú aláìsàn yìí pọ̀ ní wọ́ọ̀dù ìṣègùn àgbàlagbà ní ilẹ̀ wa: ọkàn tó rẹ̀, kíndìnrín tó ń kú lọ, ẹ̀dọ̀ tó le tí omi sì kún ikùn. Nítorí wọn ni a fi gbọ́dọ̀ bi ara wa léèrè irinṣẹ́ tó yẹ ká máa lò láti mọ ẹni tí àìjẹunrekánú ti mú. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí ń sọ ni pé irinṣẹ́ tó gbẹ́kẹ̀ lé ìwọ̀n ara kò yẹ ní àkọ́kọ́ fún irú wọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè méjì tó wà nínú MST ló yẹ kí nọ́ọ̀sì fi bẹ̀rẹ̀, kó sì fi téèpù wọn apá tẹ̀ lé e, kí wákàtí 24 tó kọjá lórí aláìsàn náà.

Irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ jù ni MUST, tí wọ́n gbé jáde ní Bìrìtéènì ní ọdún 2003. Ohun mẹ́ta ló ń wò. Èkíní ni ìwọ̀n ara sí gíga, ìyẹn kílò tí a fi gíga pín lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ju 20 lọ, kò sí máàkì, láti 18.5 sí 20, máàkì kan. Bó bá wà nísàlẹ̀ 18.5, méjì. Èkejì ni iye tó rù láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà láìmọ̀-ọ́n-mọ̀: bí kò bá tó ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, kò sí máàkì, láti 5 dé 10, ọ̀kan, bó bá ju 10 lọ, méjì. Ẹ̀kẹta ń fún aláìsàn ní máàkì méjì bí àìsàn òjijì bá mú un, tí kò sì jẹ ohunkóhun tàbí tó jọ pé kò ní jẹ ohunkóhun fún ju ọjọ́ márùn-ún lọ. Ẹni tó bá gba méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ wà nínú ewu gidi.

Ká wá gbé awakọ̀ wa sórí MUST. Ìwọ̀n sí gíga rẹ̀ jẹ́ 23.8, kò gba nǹkan kan. Ó rù ní ìdá tó lé díẹ̀ ju 1 lọ, kò gba nǹkan kan. Ó ṣì ń tọ́ oúnjẹ wò, nítorí náà kò gba ti ẹ̀kẹta. Òdo ni gbogbo rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ṣe yẹ, ìwọ̀n kò bà jẹ́, ìṣirò kò ṣì, síbẹ̀ ìdáhùn kò tọ̀nà. Lẹ́yìn ọjọ́ 12 tí wọ́n ti ń fún un ní oògùn tó ń fa omi jáde nínú ara, ìwọ̀n bọ́ sí kílò 61. Kílò 13 ló ti rù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n sí gíga rẹ̀ sì di 19.9. MUST wá fún un ní máàkì mẹ́ta. Òótọ́ ọ̀rọ̀ dé, àmọ́ ọjọ́ 12 ti lọ.

Ọdún 1999 ni Ferguson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ MST jáde ní Ọsirélíà, lẹ́yìn tí wọ́n dán an wò lára àgbàlagbà 408 tí wọ́n gbà sílé ìwòsàn. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni bóyá aláìsàn ti rù láìpẹ́ láìjẹ́ pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí kò bá rù, òdo. Bí kò bá dá a lójú, méjì. Bó bá mọ iye rẹ̀, kílò 1 sí 5 jẹ́ máàkì kan, 6 sí 10 jẹ́ méjì, 11 sí 15 jẹ́ mẹ́ta, ohun tó bá ju 15 lọ jẹ́ mẹ́rin. Ìbéèrè kejì ni bóyá kò jẹun tó nítorí pé oúnjẹ kò wù ú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó gba máàkì kan. Ẹni tó bá ní méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó yẹ kí a yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

Bí awakọ̀ náà bá ní kò dá òun lójú pé òun rù, máàkì méjì nìyẹn. Bí nọ́ọ̀sì bá sì gbàgbọ́ nínú káàdì tó kọ kílò kan ṣoṣo, máàkì kan ni. Àmọ́ oúnjẹ kò wù ú láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí náà ó kéré tán, ó ti ní méjì. Omi tó tan ìwọ̀n jẹ kò lè tan ìbéèrè kejì jẹ.

Gbogbo rẹ̀ wá dúró lórí bí a ṣe ń béèrè, ibi tí ọ̀ràn ti ń bà jẹ́ gan-an sì nìyí. Bí nọ́ọ̀sì bá bi àgbàlagbà pé, «Bàbá, ṣé ẹ ń jẹun dáadáa?», ohun tí yóò gbọ́ ni «A dúpẹ́, mo ń jẹun.» Ìwà ọmọlúwàbí ló dáhùn yẹn. Ẹni tó bá sì bi í pé, «Ṣé ẹ ti rù?», lè rí i pé ojú ìyàwó rẹ̀ yí padà, nítorí pé rírù ti di ohun tí àwọn èèyàn ń so mọ́ àrùn tí wọn kì í fẹ́ dárúkọ. Ìbéèrè tó ń mú èsì jáde máa ń rọ̀ mọ́ ohun tí a lè rí: «Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá? Ṣé ẹ jẹ ẹ́ tán? Tẹ́lẹ̀, òkèlè mélòó lẹ máa ń jẹ?» Lẹ́yìn náà ni a ó béèrè nípa bẹ́líìtì, bóyá ihò tuntun ni wọ́n ń lò báyìí. Ní ti ìyá àgbà, a lè béèrè bóyá apá bùbá ti ń fẹ̀ jù, tàbí òrùka ti ń yọ lọ́wọ́. Ohun tó wà lókè ara ni kí a bi aláìsàn tí ẹsẹ̀ tàbí ikùn rẹ̀ wú, torí pé ṣòkòtò rẹ̀ lè ti máa fún un. Bí aláìsàn kò bá lè sọ̀rọ̀, bíi ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù, ẹni tó ń se oúnjẹ rẹ̀ ni kí a bi. Ẹni tó gbé e wá lè má mọ nǹkan kan nípa abọ́ rẹ̀.

Àwọn ìbéèrè yìí tún ń dí ihò kan tó wà lára MST. Níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ti mọ kílò ara wọn, «kò dá mi lójú» lè di ìdáhùn gbogbo wọ́ọ̀dù, gbogbo wọn á sì gba máàkì méjì. Irinṣẹ́ tó bá mú gbogbo èèyàn kò yan ẹnikẹ́ni. Bẹ́líìtì àti bùbá ló ń jẹ́ kí a mọ ẹni tí kò rù rárá yàtọ̀ sí ẹni tí kò kàn mọ iye tó fi rù.

Ihò kejì ni téèpù ń dí. Ìyá arúgbó kan lè ti rù kanlẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kó má tún rù sí i, kó sì máa jẹ ìwọ̀nba tó ń jẹ. MST yóò fún un ní òdo. Nítorí èyí ni a ṣe ń wọn apá. Kí a tẹ ìgbọ̀nwọ́ òsì, kí a wá àárín gbùngbùn láti ṣóńṣó èjìká sí ṣóńṣó ìgbọ̀nwọ́, kí a fi bírò sàmì sí i. Lẹ́yìn èyí, kí ọwọ́ rọ̀ sílẹ̀, kí a sì yí téèpù ká ojú àmì náà láìfún un mọ́ ara. Bó bá dín sí sẹ̀ǹtímítà 23.5, ó ṣeé ṣe kí ìwọ̀n sí gíga ẹni náà má tó 20. Apá awakọ̀ wa jẹ́ 23 ní alẹ́ ọjọ́ tó dé. Téèpù ti sọ ohun tí ìwọ̀n ò sọ títí di ọjọ́ kejìlá. Àmọ́ bí apá fúnra rẹ̀ bá wú, téèpù náà yóò purọ́.

Ẹnìkan lè ní NRS-2002 ló yẹ ká lò, àwíjàre rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Òun ni Philipp Schuetz àti ẹgbẹ́ rẹ̀ lò nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ṣe ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Síwísáláńdì, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní ọdún 2019. Àwọn aláìsàn wọ́ọ̀dù ìṣègùn tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì, tí máàkì wọn tó mẹ́ta, ni wọ́n pín sí ọ̀nà méjì. Wọ́n ṣètò oúnjẹ tó bá ẹnìkọ̀ọ̀kan mu fún apá kan, apá kejì ń jẹ oúnjẹ ilé ìwòsàn bó ṣe wà. Láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún kú lára àwọn tí wọ́n ṣètò oúnjẹ fún, ìdá 10 sì kú lára àwọn yòókù. Ẹ̀rí wà nígbà náà pé rírí ẹni náà tètè lè gba ẹ̀mí là, NRS náà ìbá sì mú awakọ̀ wa, torí pé ó ń béèrè nípa oúnjẹ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé ẹni tó ń kún un gbọ́dọ̀ díwọ̀n ìdá oúnjẹ tí aláìsàn jẹ nínú ohun tí ara rẹ̀ nílò, kó sì tún fún bí àìsàn ṣe le tó ní máàkì. Nọ́ọ̀sì kan tó ń tọ́jú aláìsàn ọgbọ̀n lóru kò ní ráyè èyí. Ipò kejì ni kí NRS wà, lọ́wọ́ onímọ̀ oúnjẹ tàbí dókítà, fún àwọn tí ìbéèrè méjì tàbí téèpù bá ti mú.

Máàkì tí kò yọrí sí iṣẹ́ kò wúlò fún aláìsàn. Fún awakọ̀ yìí, ìwé oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ló kàn: ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ àti ohun tó ṣẹ́ kù sínú abọ́. Ibẹ̀ ni yóò ti hàn pé ògì tó ṣàn ni wọ́n ń gbé wá fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Omi ló pọ̀ jù nínú irú ògì bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n sì ń díwọ̀n omi fún kò gbọ́dọ̀ fi àyè rẹ̀ ṣòfò bẹ́ẹ̀. Mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja tí kò níyọ̀ púpọ̀, díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀márùn-ún lójúmọ́, ló dára jù fún un. Bí aláìsàn mìíràn kò bá tilẹ̀ jẹ nǹkan kan tó nǹkan fún ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, kí dókítà yẹ pòtásíọ́mù, fọ́sífeètì àti magnísíọ́mù rẹ̀ wò kí oúnjẹ tó pọ̀, kí wọ́n fún un ní fítámì B1, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀. Oúnjẹ tó pọ̀ lójijì lè fa àwọn èròjà wọ̀nyí wálẹ̀ kíákíá nínú ẹ̀jẹ̀, kí ọkàn sì dáṣẹ́ sílẹ̀.

Bí ọ̀gá nọ́ọ̀sì bá fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà ń lọ, kó mú fáìlì ogún, kó sì fi ìbéèrè kan náà bi àwọn aláìsàn wọ̀nyẹn fúnra rẹ̀. Fáìlì tí òdo kún inú rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù tí eegun èjìká ti ń yọ lórí ibùsùn púpọ̀ fi hàn pé wọ́n kàn ń kún un lórí tábìlì ni. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni kí wọ́n tún máa béèrè, torí pé ẹni tó wọlé pẹ̀lú òdo lè rù ní wọ́ọ̀dù.

Ní ọjọ́ tí awakọ̀ náà bá ń lọ sílé, kí wọ́n kọ ọ́ sórí káàdì tí ìyàwó rẹ̀ mú wá: kílò 61, ẹsẹ̀ kò wú, apá sẹ̀ǹtímítà 23. Òun ni nọ́ọ̀sì tó bá tún gbà á wọlé yóò fi wé ohun tí ìwọ̀n bá sọ.