Àtẹ̀gùn Tí Wọ́n Bẹ̀rẹ̀ Láti Àárín: Ìtàn Ìwé Ẹ̀rí Kíláòdù

Ẹni tó bá ṣí ojú ewé ìwé ẹ̀rí Amazon Web Services, tí gbogbo ayé ń pè ní AWS, yóò rí ìpele mẹ́ta tí wọ́n tò lé ara wọn: Foundational nísàlẹ̀, Associate láàárín, Professional lókè. Ẹ̀gbẹ́ kan ni Specialty dúró sí ní tirẹ̀. Títò yìí máa ń jẹ́ kí èèyàn rò pé ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi kọ́ ọ dókè. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Àárín ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n lọ sókè, ìgbà tó pẹ́ ni wọ́n tó rántí ìsàlẹ̀. Ẹnjiníà sọ́pọ́ọ̀tù tó ti lo ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́, tó ń bi ara rẹ̀ pé èwo ni kí òun jókòó ṣe nínú wọn, inú ìtàn yìí ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Irú ìdánwò yìí ti wà kí kíláòdù tó dé. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, ilé iṣẹ́ Novell ní ìpínlẹ̀ Utah l'Amẹ́ríkà ń ta NetWare, sọ́fútíwíà tí àwọn ọ́fíìsì fi ń so kọ̀ǹpútà wọn pọ̀. Àwọn tó ń rà á pọ̀ ju àwọn tó lè tún un ṣe lọ. Novell wá gbé ìwé ẹ̀rí CNE jáde, kí oníbàárà lè mọ ẹni tó yẹ kó ránṣẹ́ pè. Microsoft náà bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 1992. Kò pẹ́ tí àléébù ìdánwò tí wọ́n kàn ń mú ìdáhùn nínú rẹ̀ fi hàn: àwọn kan há ìbéèrè sórí, wọ́n yege, ṣùgbọ́n bí sáfà bá dákú níwájú wọn, wọ́n á kàn máa wò ó ni.

Cisco gba ọ̀nà mìíràn ní 1993. Ìwé ẹ̀rí tó le jù, ìyẹn CCIE, ni wọ́n kọ́kọ́ dá sílẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni olùdánwò ń lò nínú yàrá nígbà náà: á kọ́kọ́ kọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì, lẹ́yìn náà ẹni tó ń ṣọ́ ìdánwò á bà á jẹ́ ní kọ̀rọ̀, olùdánwò á sì wá ohun tó bàjẹ́ kàn. Yàrá náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n fún ní nọ́ńbà 1024, àwọn tó yege sì ń ka tiwọn láti 1025. Ọdún 1998 ni CCNA, tó wà fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, tó jáde. Òkè ni Cisco ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀.

Kíláòdù dé ní 2006. Ní oṣù kẹta ọdún náà, Amazon ṣí S3, ibi ìpamọ́ fáìlì. Ní oṣù kẹjọ, ó ṣí EC2, tí èèyàn fi ń yá sáfà ní wákàtí-wákàtí. Ó tó ọdún méje lẹ́yìn ìyẹn kí ìdánwò àkọ́kọ́ tó wáyé. Oṣù kẹrin ọdún 2013 ni AWS Certified Solutions Architect – Associate jáde, fún ẹni tó ń ya àwòrán ètò. Àwọn méjì mìíràn tẹ̀ lé e lọ́dún kan náà: ọ̀kan fún àwọn tó ń kọ sọ́fútíwíà, èkejì fún àwọn tó ń bójú tó ohun tó ti ń ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n pè ní SysOps Administrator. Ẹ wo àwọn tí wọ́n ní lọ́kàn: àwọn tó ń fọwọ́ ara wọn ṣe iṣẹ́ náà ni. Ìpele Professional dé ní 2014. Ìparí 2017 ni Cloud Practitioner, tó jẹ́ ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn lónìí, tó wọlé. Kì í ṣe nítorí ẹnjiníà ni wọ́n ṣe ṣe é o. Ó wà fún òǹtajà, ọ̀gá ẹ̀ka, akọ̀wé owó, àwọn tó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè kíláòdù nínú ìpàdé láìní fọwọ́ kan sáfà rí.

Ìyípadà kan ní oṣù kẹwàá ọdún 2018 ló dá ìdàrúdàpọ̀ òde òní sílẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí Associate kò lè jókòó ṣe Professional. AWS mú òfin yẹn kúrò. Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni lè san 300 dọ́là kó sì gun òkè tààrà. Ìtọ́sọ́nà ìdánwò Solutions Architect – Professional sọ pé ó wà fún ẹni tó ti lo ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnjiníà sọ́pọ́ọ̀tù á sì ka iye ọdún tirẹ̀, á ní ó pé. Ibi tó ti ṣìnà nìyẹn. Ọdún méjì tí wọ́n ń wí jẹ́ ọdún méjì nídìí yíya ètò kíláòdù àti gbígbé e kalẹ̀. Ọdún méjì tí èèyàn fi ń ti tíkẹ́ẹ̀tì yàtọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì kan tí irú ẹnjiníà bẹ́ẹ̀ ti rí láìmọye ìgbà. Oníbàárà kọ̀wé pé òun ò lè wọ sáfà òun. Ẹnjiníà gbìyànjú:

```
ssh -i kokoro.pem ec2-user@203.0.113.25
```

Èsì mẹ́ta ló wọ́pọ̀, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí sì yàtọ̀. Bí ó bá jẹ́ `Permission denied (publickey)`, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ṣe nǹkan kan. Kọ́kọ́rọ́ tàbí orúkọ ni kò bá a mu, bóyá Ubuntu ni sáfà náà, tí orúkọ tó yẹ sì jẹ́ `ubuntu`. Bí ó bá jẹ́ `Connection refused`, ìpè náà sábà máa ń ti dé sáfà, àmọ́ kò sí ẹni tó ń dáhùn lẹ́nu pọ́ọ̀tù 22. Ó ṣeé ṣe kí `sshd` ti kú. `Connection timed out` ló ń gba àkókò jù: ìpè lọ, èsì kankan ò padà. Ẹnjiníà á yẹ Security Group wò, á yẹ ojú ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, á sì wò ó bóyá sáfà náà ní àdírẹ́sì tó hàn sí ìta.

Ọ̀pọ̀ tíkẹ́ẹ̀tì parí síbẹ̀. Ìdánwò SysOps kì í parí síbẹ̀. Ó lè sọ pé Security Group ti gba pọ́ọ̀tù 22 láyè, Network ACL náà sì ti gbà á wọlé, síbẹ̀ kò wọ̀. Kí ló kù? Security Group máa ń rántí ẹni tó jẹ́ kó wọlé, èsì rẹ̀ á sì jáde láìsí òfin mìíràn. Network ACL kì í rántí. Èsì sáfà ń padà lọ sí pọ́ọ̀tù tí kọ̀ǹpútà oníbàárà mú fún ìgbà díẹ̀, tó máa ń wà láàárín 1024 sí 65535. Bí òfin ìjáde ACL kò bá gba ìwọ̀n yẹn láyè, ẹnu ọ̀nà ni èsì á há sí. Ẹni tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí tíkẹ́ẹ̀tì báyìí á mú ìdáhùn láàárín ìṣẹ́jú kan, ẹni tó há a sórí á dààmú bí wọ́n bá yí ìbéèrè náà díẹ̀. Ìdí tí mo fi sọ pé àárín ni ti ẹnjiníà sọ́pọ́ọ̀tù nìyí: ohun tó ti mọ̀ ni wọ́n ń bi í, wọ́n kàn ń fi ìgbésẹ̀ kan kún un.

Ìbéèrè Professional kì í rí bẹ́ẹ̀. Yóò ní ilé iṣẹ́ kan ní ọgọ́rùn-ún àkáǹtì AWS, àwọn kan nínú wọn gbọ́dọ̀ máa bá ara wọn sọ̀rọ̀, àwọn kan kò gbọ́dọ̀ rí ara wọn, owó kò sì gbọ́dọ̀ ga. Ìdáhùn méjì tàbí mẹ́ta lè ṣiṣẹ́. Èyí tí ìnira àti owó rẹ̀ máa kéré jù lẹ́yìn ọdún mélòó kan ni wọ́n ń wá. Kò sí tíkẹ́ẹ̀tì tó ń kọ́ni nírú ẹ̀, nítorí ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ilé náà tán tó ń jò ni wọ́n máa ń pe sọ́pọ́ọ̀tù.

Ìdánwò àárín tó wà fún iṣẹ́ yìí náà ti rí ayé. Ní 2021, AWS fi iṣẹ́ àfọwọ́ṣe sínú SysOps, olùdánwò á wọ àkáǹtì gidi, á sì tún nǹkan ṣe níbẹ̀, bíi Cisco ayé ọjọ́un. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ó dùn mí o, nítorí apá yẹn gan-an ni ẹni tó ń ti tíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń ta àwọn ahá-ìdáhùn yọ. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, orúkọ rẹ̀ yí padà di CloudOps Engineer – Associate, kóòdù rẹ̀ sì di SOA-C03. Ìbéèrè 65 ni, ìṣẹ́jú 130, owó rẹ̀ 150 dọ́là, máàkì ìyege sì jẹ́ 720 nínú 1000.

Èmi á ní kí ẹnjiníà wa ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó sanwó, kó mú ìtọ́sọ́nà ìdánwò náà, kó sì kọ tíkẹ́ẹ̀tì gidi méjì tí òun fúnra rẹ̀ yanjú sí abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan. Abẹ́ ìmójútó ètò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kún kíákíá. Ibi tí yóò ṣófo fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni ìgbékalẹ̀ àti ìdáṣiṣẹ́, tó kó 22 nínú ọgọ́rùn-ún máàkì, nítorí ohun tí ẹlòmíì gbé kalẹ̀ ni sọ́pọ́ọ̀tù máa ń tún ṣe. Kó ṣí àkáǹtì tirẹ̀, kó fi CloudFormation gbé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kékeré kan kalẹ̀, kó ba nǹkan jẹ́ nínú rẹ̀ títí yóò fi rí `UPDATE_ROLLBACK_FAILED`, kó sì wá ọ̀nà jáde. Kó ya dísìkì sáfà kan sí snapshot, kó pa sáfà náà, kó sì gbé e dìde padà. Bó bá parí, kó pa NAT Gateway rẹ́, torí bí kò tilẹ̀ sí dátà tó ń gbà á kọjá, yóò ṣì máa gbowó: ní Virginia, ó tó 32 dọ́là lóṣù kan láìṣe nǹkan kan.

Bí ọdún méjì rẹ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti páásíwọ́ọ̀dù tí wọ́n gbàgbé, tí kò sì fọwọ́ kan kíláòdù rí, ó lè ka ìwé Cloud Practitioner láti mọ orúkọ nǹkan, kó má kàn san 100 dọ́là lé e. Bí ó bá sì jẹ́ pé kíkúrò nídìí tíkẹ́ẹ̀tì lọ síbi tí wọ́n ti ń ya ètò ló ń wù ú, Solutions Architect – Associate ló bá a mu, ìpele kan náà àti owó kan náà ni. Ẹni tó bá yege nínú èyíkéyìí máa ń gba ẹ̀dínwó ìdajì fún ìdánwò tó kàn, èkejì lè tipa bẹ́ẹ̀ di 75 dọ́là.

Ọdún mẹ́ta ni ìwé ẹ̀rí náà ń lò kó tó kú. Bí ó bá fi ọdún mẹ́ta yẹn máa kọ CloudFormation níbi iṣẹ́, tó sì yege nínú DevOps Engineer – Professional kí ọjọ́ tó pé, CloudOps rẹ̀ á tún di ọ̀tun fúnra rẹ̀, kò sì ní san 150 dọ́là lẹ́ẹ̀kejì.