Ìwádìí Ooru Ìbújáde Iná àti Sítíkà Ìkìlọ̀ Lára Bọ́ọ̀dù Iná Àgbà

Ìbújáde iná mànàmáná ni iná tí ó ń fò gba inú afẹ́fẹ́ láti ara ọ̀pá bàbà kan dé ara èkejì, tàbí dé ara páànù bọ́ọ̀dù, nígbà tí irinṣẹ́ bá já bọ́ sáàárín wọn, tàbí tí eruku àti ọ̀rinrin bá là á lọ́nà. Ìwádìí tí a ń sọ yìí ń ṣírò iye ooru tí yóò bá ojú àti àyà ẹni tí ó dúró níwájú bọ́ọ̀dù náà. Kálórì tí ó bọ́ sórí sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóòró ni a fi ń wọ̀n ọ́n, 1.2 sì ni ààlà, nítorí ibẹ̀ ni awọ ara tí kò ní ààbò ti lè bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò.

Ìtàn

Fún ìgbà pípẹ́, kí iná má gbé ènìyàn ni ìbẹ̀rù àwọn oníṣẹ́ iná dá lé jù lọ, títí di ọdún 1982, nígbà tí Ralph Lee ará Amẹ́ríkà gbé ìwé kan jáde lórí bí iná tí kò tilẹ̀ kan ènìyàn ṣe lè jó o láti òkèèrè. Ní ọdún 2002 ni ìlànà IEEE 1584 dé, pẹ̀lú òfin ìṣirò tí a fa yọ láti inú ìdánwò. Àtúnṣe ti ọdún 2018 fi ipò àwọn ọ̀pá bàbà kún un, nítorí pé èyí tí orí rẹ̀ kọjú sí òṣìṣẹ́ a máa ju ooru síwájú ju èyí tí ó dúró ṣánṣán lọ.

Bí a ti ń ṣe ìṣirò náà

Ẹ jẹ́ kí a mú ilé-iṣẹ́ kan tí tiransifọ́mà rẹ̀ jẹ́ 1,000 kVA, tí ó ń sọ 11,000 fóòtì di 415, tí ìdènà inú rẹ̀ sì jẹ́ 5%. Bí a bá fi irin so àwọn ọ̀pá bàbà pọ̀ gírígírí, nǹkan bí 27,800 áńpù ni tiransifọ́mà yìí lè tì jáde. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí iná ń fò gbà ń dí i lọ́wọ́, nítorí náà, bí àlàfo àárín bàbà bá jẹ́ mìlímítà 32, ìlànà ọdún 2002, tí a lò níhìn-ín nítorí pé ó rọrùn láti fi ọwọ́ ṣe, fún wa ní nǹkan bí 12,900. Ẹni tí kò mọ̀ yóò ní ewu ti dín kù. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju eje lọ, nítorí pé bí iná bá ti kéré sí i ni bírékà tàbí fíúsì lè pẹ́ sí i kí ó tó gé e, gígùn àkókò sì ni ooru ń bá rìn.

Bí iná náà bá bú lẹ́yìn bírékà àgbà, tí bírékà sì gé e láàárín ìdá márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kan, ẹni tí ó dúró ní mìlímítà 610 yóò gba kálórì 5.5, ààlà ewu rẹ̀ yóò sì tó mítà 1.7. Ṣùgbọ́n bí ó bá bú níbi tí kébù tiransifọ́mà ti wọlé, kí ó tó dé ọ̀dọ̀ bírékà, bírékà náà kò ní agbára lórí rẹ̀. Fíúsì ìhà 11,000 fóòtì nìkan ni ó kù, nǹkan bí 490 áńpù péré ni ó sì ń rí, ó sì lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú-àáyá kan lọ kí ó tó já. Bí a bá ka ìṣẹ́jú-àáyá méjì, èyí tí ọ̀pọ̀ ìwádìí fi ṣe òpin bí òṣìṣẹ́ bá ní ọ̀nà láti sá, ooru di kálórì 55, ààlà sì sún dé mítà 8.2. Bọ́ọ̀dù kan náà ni, ṣùgbọ́n ìlọ́po mẹ́wàá ni ìyàtọ̀ ooru.

Àríyànjiyàn kan

Èwo nínú iye méjèèjì ni kí a kọ sára bọ́ọ̀dù? Àwọn kan gbà pé bí ògiri irin bá ya yàrá bírékà àgbà sọ́tọ̀, iye kékeré tọ́ sí àwọn yàrá yòókù. Àwọn mìíràn ní afẹ́fẹ́ gbígbóná lè gba ihò kébù kọjá, kí iná sì bú ní ìhà tí bírékà kò lè gé, nítorí náà iye ńlá ni kí a kọ sí gbogbo rẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ti àwọn ìkejì ni ó bọ́gbọ́n mu níbi tí a kò bá ti dán ògiri náà wò, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò tíì parí.

Sítíkà

Ìlànà NFPA 70E ń béèrè iye fóòtì, ààlà ewu, àti ó kéré tán ọ̀kan nínú àwọn ohun tí a fi ń yan aṣọ ààbò, bí ooru pẹ̀lú ibi tí a ti wọ̀n ọ́n. Ó pọn dandan kí a yẹ ìwádìí náà wò, kí àkókò tí ó wà láàárín má ju ọdún márùn-ún lọ. Síbẹ̀, sítíkà lè di irọ́ kí ọdún tó pé: ẹnìkan yí àkókò ìdúró bírékà sókè kí ó má baà máa já lásán, tàbí wọ́n pààrọ̀ tiransifọ́mà, a kì í sì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ òtítọ́, kí ó fi ibi tí bọ́tìnnì ìyípadà ojú bírékà dúró sí wé èyí tí ó wà nínú ìwé ìwádìí. Bí wọn kò bá bára mu, iye ara sítíkà kò ṣeé gbára lé mọ́. Ní ti yàrá tí kébù ti wọlé, pípa iná láti ìhà 11,000 fóòtì, kí a sì dán an wò pé ó kú, ni ó yẹ kí ó ṣáájú ṣíṣí rẹ̀, nítorí pé sítíkà kì í ṣe ìwé àṣẹ fún ẹnikẹ́ni láti ṣiṣẹ́ lórí bàbà tí iná ń bẹ nínú rẹ̀.