Kúrúnà ara ẹran ní Òkè-Ògùn

Kúrúnà jẹ́ àrùn awọ ara tí kòkòrò tíntìntín, tí ojú lásán kò lè rí, máa ń fà lára ewúrẹ́, màlúù àti ajá. Ní Òkè-Ògùn, níbi tí ewúrẹ́ ti ń jẹ̀ káàkiri agboolé Ìṣẹ́yìn, tí àwọn Fúlàní sì ń da màlúù ní pápá ọ̀dàn Ṣakí, oríṣi méjì ló yẹ kí ẹlẹ́ran dá mọ̀ yàtọ̀: Sakópítíìsì àti Dẹmódẹ́kìsì.

Sakópítíìsì ló ń yún ẹran burúkú. Abo rẹ̀ a gbẹ́ ihò sínú awọ, a sì yé ẹyin síbẹ̀. Ewúrẹ́ tó bá ní in kì í sinmi. Á máa fi ara ha ògiri, irun á re ní imú, ní ayíká ojú àti ní etí, awọ á nípọn, á sì sé èépá. Ó tètè ń ran àwọn tó jọ ń sùn, ó sì lè mú kí ara ẹni tó ń tọ́jú wọn yún fún ìgbà díẹ̀.

Inú ihò irun ni Dẹmódẹ́kìsì ń gbé ní tirẹ̀. Ìyá ló ń kó o ran ọmọ nígbà tí ọmọ ń mu ọmú, kì í sì sábà yún. Lára màlúù, kókó kéékèèké bí ẹ̀wà ló ń yọ ní ọrùn àti èjìká. Ọwọ́ tó bá ń pa awọ lára lè mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Bí a bá gé kókó náà, ohun funfun tó ki ni yóò tú jáde, kòkòrò gígùn a sì kún inú rẹ̀ bámú.

Maikirosikóòpù ló ń parí àríyànjiyàn. Fún Dẹmódẹ́kìsì, dókítà ẹran á fún awọ pọ̀, á sì fi abẹ ha á títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi fẹ́ yọ. Fún Sakópítíìsì, etí èépá lọ́tọ̀lọ́tọ̀ ló máa ha, nítorí kòkòrò náà kì í pọ̀. Bí kò bá rí i, tí ara ẹran ṣì ń yún, kò túmọ̀ sí pé kò sí níbẹ̀.

Abẹ́rẹ́ aifamẹ́kítínì ló ń pa Sakópítíìsì. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlígíráàmù 0.2 fún kílò kan. Ewúrẹ́ kílò 20 yóò gba mìlílítà 0.4 nínú oògùn 1%, lábẹ́ awọ. Oògùn náà kì í pa ẹyin, nítorí náà ẹ gún un lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn ọjọ́ 14, kí ẹ sì gún gbogbo agbo, títí kan èyí tí ara rẹ̀ ń dán. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ló sábà ń dá àrùn padà.

Kókó Dẹmódẹ́kìsì ara màlúù sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀. Awọ rẹ̀ nìkan ló ń bàjẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́ awọ. Ti ajá tó bá ti gba gbogbo ara ló ń fẹ́ ìtọ́jú olóṣù mélòó kan, títí híha awọ ẹ̀ẹ̀mejì, tí oṣù kan wà láàárín wọn, kò bá fi kòkòrò hàn mọ́.

Ẹ má ṣe fún wàrà màlúù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba abẹ́rẹ́ aifamẹ́kítínì fún títà, ẹ má sì pa ẹran bẹ́ẹ̀ jẹ títí ọjọ́ tó wà lára ìgò oògùn yóò fi pé. Ẹ̀yin tó ń fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ẹran lára, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́: ó ń jó awọ ara, ó sì ń wọ inú ẹran tí a ń jẹ.