Owó Iṣẹ́ Àbọ̀ṣe: Ǹjẹ́ Dandan Ni Kí A Sọ Ọ́ fún Agbowó-Orí?

Ní ìlú Ìlá-Ọ̀ràngún, àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, dé Òkè-Ìlá àti Ọ̀rà, òṣìṣẹ́ tí ó gbẹ́kẹ̀ lé owó-oṣù nìkan kò wọ́pọ̀ mọ́. Bí olùkọ́ bá ti ilé-ìwé dé, yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Bí nọ́ọ̀sì bá bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó lè jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ. Iṣẹ́ tí a ń ṣe lẹ́yìn tí a bá ti ti ibi iṣẹ́ gidi bọ̀ yìí ni à ń pè ní iṣẹ́ àbọ̀ṣe. Ìbéèrè tí ó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé: níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń yọ owó-orí kúrò nínú owó-oṣù mi, ṣé mo tún gbọ́dọ̀ sọ nípa èrè kékeré yìí fún ìjọba?

Ìdáhùn òfin ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ó pọn dandan. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rù má ba ẹnikẹ́ni, nítorí pé sísọ ọ̀tọ̀, sísan ọ̀tọ̀. Ẹlòmíràn yóò sọ, kò sì ní san kọ́bọ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, "owó-orí", wà lára ohun tí ó ń da àwọn ènìyàn lójú rú. Láyé àtijọ́, orí ni wọ́n ń kà, iye kan náà ni wọ́n sì ń bù fún tálákà àti ẹni tí ó rí jẹ díẹ̀. Irú owó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó bí ìjà àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ní ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà ní ọdún 1968 àti 1969. Ti òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Owó tí ó wọlé fún ènìyàn láàárín ọdún kan ni òfin ń wò, láti orísun gbogbo, tí yóò kó gbogbo rẹ̀ jọ sójú kan kí ó tó bu owó-orí lé e.

Òfin tí ó ń darí ọ̀rọ̀ yìí báyìí ni Òfin Owó-Orí Nàìjíríà, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lù ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2025, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìn-ín-ní, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2026. Lábẹ́ òfin náà, náírà 800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún kan kò ní owó-orí rárá. Náírà 2,200,000 tí ó tẹ̀ lé e ń san náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Láti orí mílíọ̀nù mẹ́ta sókè, ó di 18 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń gòkè bí owó bá ṣe ń pọ̀ sí i, títí yóò fi dé 25.

Ibí yìí ni àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ti ń wáyé. Àwọn kan gbà pé náírà 800,000 yẹn wà fún owó-oṣù, òmíràn sì tún wà fún iṣẹ́ àbọ̀ṣe, tí ó fi jẹ́ pé bí èrè iṣẹ́ àbọ̀ṣe kò bá tó náírà 800,000, kò kan ìjọba. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òfin fún ènìyàn ní àǹfààní náà lọ́dún. Bí owó-oṣù bá ti lò ó tán, orí náírà àkọ́kọ́ nínú èrè iṣẹ́ àbọ̀ṣe ni owó-orí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan yẹ̀ ẹ́ wò. Kí a sọ pé olùkọ́bìnrin kan wà ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Ìlá-Ọ̀ràngún, tí ó ń gba náírà 120,000 lóṣù. Ní ọdún kan, èyí jẹ́ náírà 1,440,000. Wọ́n ń yọ náírà 8 nínú ọgọ́rùn-ún fún owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, tí ó jẹ́ náírà 115,200 lọ́dún. Ó ń san náírà 150,000 fún ilé tí ó ń gbé. Òfin yóò yọ owó ìfẹ̀yìntì náà kúrò fún un, yóò sì yọ ìdá kan nínú márùn-ún owó ilé rẹ̀, tí ó jẹ́ náírà 30,000. Ó ku náírà 1,294,800. Bí a bá yọ náírà 800,000 tí kò ní owó-orí, ó ku náírà 494,800. Náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni náírà 74,220. Èyí ni ilé-ìwé náà ń yọ díẹ̀díẹ̀, náírà 6,185 lóṣooṣù, tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí àjọ tí ń gba owó-orí fún ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Obìnrin yìí tún ń ra epo pupa pamọ́ nígbà tí epo bá pọ̀, ó sì ń tà á nígbà tí ó bá wọ́n. Ní ọdún náà, ó ra kẹ́ẹ̀gì 25 ní náírà 40,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ọdún fi máa parí, ó ti ta 20 nínú wọn ní náírà 52,000 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó tí ó wọlé jẹ́ náírà 1,040,000. Ó ná náírà 20,000 lórí ọkọ̀ àti alábàárù, ó san náírà 15,000 fún yàrá tí ó ń kó epo sí, ó sì san èlé náírà 15,000 lórí owó tí ó yá nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀.

Owó-orí kò sí lórí náírà 1,040,000 yẹn. Orí èrè ni ó wà. Kẹ́ẹ̀gì 20 tí ó tà ni yóò yọ owó rẹ̀, èyí tí í ṣe náírà 800,000. Kẹ́ẹ̀gì márùn-ún tí ó ṣẹ́ kù sílé kò tíì di èrè, kò sì tíì di ìnáwó. Yóò gbé e wọ ìwé ọdún tí ó ń bọ̀. Nínú gbèsè ẹgbẹ́, èlé nìkan ni ìnáwó. Owó tí ó yá kì í ṣe èrè nígbà tí ó gbà á, kì í sì í ṣe ìnáwó nígbà tí ó bá ń dá a padà. Nítorí náà, a ó yọ 800,000 àti 50,000 kúrò nínú 1,040,000, èrè rẹ̀ yóò sì jẹ́ náírà 190,000.

Owó-oṣù ti lo àǹfààní náírà 800,000 tán, nítorí náà gbogbo èrè yìí ni yóò san náírà 15 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn jẹ́ náírà 28,500 fún ọdún kan gbáko. Bí kò bá ní ìwé ìnáwó, tí ẹnìkan sì bu owó-orí lé gbogbo ohun tí ó tà, náírà 156,000 ni ìbá jẹ́. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì ju owó-oṣù kan lọ, ìwé kékeré tí a ń kọ ọjà sí ni ó sì dá a sílẹ̀.

Ẹ wo aládùúgbò rẹ̀ tí kò ní owó-oṣù, tí ó ta epo kan náà, tí ó sì jẹ èrè náírà 190,000 kan náà. Bí kò bá ní orísun mìíràn, owó rẹ̀ kò dé náírà 800,000, kò sì ní san ohunkóhun.

Báwo ni a ṣe ń sọ ọ́? Owó tí ilé-ìwé ń yọ kò dúró fún ìwé tí òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ. Kí oṣù Kẹta tó parí lọ́dọọdún, yóò gba fọ́ọ̀mù àjọ agbowó-orí ìpínlẹ̀, yóò kọ owó-oṣù àti owó-orí tí wọ́n ti yọ sí i, yóò sì kọ èrè iṣẹ́ àbọ̀ṣe sí i pẹ̀lú. Wọn yóò ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀, wọn yóò yọ èyí tí ó ti san, yóò sì san ìyókù sí àpò ìjọba ní báńkì, kì í ṣe sí ọwọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹni tí ó gbé iṣẹ́ fún un bá ti yọ owó-orí díẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó béèrè ìwé ẹ̀rí rẹ̀, nítorí yóò dín gbèsè yẹn kù.

Ibi tí ènìyàn ń gbé ni owó-orí rẹ̀ ń lọ, kì í ṣe ibi tí ó ti tajà. Ará Ìlá tí ó kó epo rẹ̀ lọ tà lọ́dọ̀ àwọn Ìgbómìnà ti ìpínlẹ̀ Kúwárà, Ọ̀ṣun náà ni ó jẹ lówó-orí èrè rẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ìbílẹ̀ ń já ní ọjà jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn. Owó ọjà nìyẹn. Kò dípò owó-orí èrè, ṣùgbọ́n a lè kọ ọ́ mọ́ ìnáwó, nítorí náà kí a má ṣe jù ú nù.

Láti ìgbà tí òfin yìí ti dé ni àwọn kan ti ń sọ pé gbogbo owó tí ó bá wọ àpò ènìyàn ní báńkì ni wọn yóò bu owó-orí lé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àjọ tí a kó kì í ṣe èrè, nítorí owó tìrẹ ni ó padà sí ọ lọ́wọ́. Owó oúnjẹ tí ọmọ fi ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ kì í ṣe èrè. Ṣùgbọ́n bí owó epo àti owó àjọ bá ń wọ inú àpò kan náà láìsí àkọsílẹ̀, yóò ṣòro láti fi ìyàtọ̀ wọn hàn. Ó sàn kí owó ọjà ní àpò tirẹ̀.

Òṣìṣẹ́ ìjọba ní láti kíyè sí ohun kan sí i. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, nínú ìlànà ìwà àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, kò gba ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní kíkún láyè láti máa darí òwò aládàáni. Iṣẹ́ àgbẹ̀ nìkan ni ó yọ sílẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni ṣe àpẹẹrẹ wa. Síbẹ̀, pé ẹnìkan kò yẹ kí ó ṣe òwò kan kò sọ èrè òwò náà di ohun tí kò ní owó-orí.

Kí ni ẹni tí kò sọ lè pàdánù? Lábẹ́ òfin tuntun lórí gbígba owó-orí, ìtanràn ẹni tí kò kọ ìwé rẹ̀ jẹ́ náírà 100,000 fún oṣù àkọ́kọ́, àti náírà 50,000 fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí ó bá tẹ̀ lé e. Ẹ fi èyí wé náírà 28,500 tí olùkọ́ yẹn jẹ. Àjọ náà tún lè fojú díwọ̀n iye tí ó rò pé ó jẹ, kí wọ́n sì fi ìwé ránṣẹ́ sí i. Bí ìwé bẹ́ẹ̀ bá dé tí iye inú rẹ̀ kò tọ́, ọgbọ̀n ọjọ́ ni òfin fún ènìyàn láti fi àtakò rẹ̀ ránṣẹ́ ní àkọsílẹ̀. Lọ́jọ́ náà, ìwé tí a kọ iye tí a rà, iye tí a tà àti iye tí ó kù nílẹ̀ sí ni yóò gbèjà ẹni.